Kí Ọkọ̀ Má Wá Láìgba Àkókò: Ìwé Tí Máníjà Ilé Ìkẹ́rùsí Ń Kọ sí Àwọn Olùpèsè

Bó ti wù kí ilé ìkẹ́rùsí tóbi tó, ẹnu ọ̀nà ni ẹrù ń gbà wọlé. Ilé tó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí lè má ní ju ẹnu ọ̀nà mẹ́ta lọ, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè fẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tó fi máa ń di dandan lọ́jọ́ kan kí máníjà kọ̀wé sí àwọn olùpèsè ọjà pé láti ìgbà báyìí lọ, kí ọkọ̀ kankan má wá mọ́ láìkọ́kọ́ gba àkókò, àti pé aago tí wọ́n yóò fi máa gba ẹrù ti yí padà. Ìwé náà kì í gùn ju ojú ewé méjì lọ. Àmọ́ bí máníjà kò bá ṣe ìṣirò kó tó kọ ọ́, kò ní pé oṣù kan tí gbogbo ènìyàn yóò fi padà sí bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Inú ìwé géètì ni ìṣirò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní ìwé kan tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tó rán an, aago tó dé àti aago tó jáde. Bí wọ́n bá fi aago tí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìjákẹ́rù kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ yóò hàn kedere. Ká mú ilé ìkẹ́rùsí kan tó ń kó ọjà ìpápánu àti ohun èlò inú ilé pamọ́ ní Ìkẹjà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló ní, aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló fi ń gba ẹrù, ọkọ̀ kántà 18 ló sì ń wá lójoojúmọ́. Wákàtí kan ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò lẹ́nu ọ̀nà. Nínú àwọn 18 yìí, 11 ti máa ń tò síta kí aago 8 tó lù, nítorí kálukú dẹ́rẹ́bà ló ń rò pé òun yóò tètè lọ bí òun bá tètè dé.

Mẹ́ta yóò wọlé ní aago 8, mẹ́ta ní aago 9, mẹ́ta ní aago 10, méjì tó kẹ́yìn yóò sì wọlé ní aago 11. Dẹ́rẹ́bà tó ti wà níta láti aago 7:30 lè jẹ́ ẹni tí yóò jáde ní aago 12 ọ̀sán. Ó ti lo wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ nítorí iṣẹ́ wákàtí kan. Nígbà tó bá sì fi máa di aago 3, ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣófo, àwọn alábàárù ti jókòó sórí pálẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ṣeré ayò. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta fún wákàtí méje, lẹ́yìn tí a bá ti yọ wákàtí oúnjẹ, jẹ́ àyè ọkọ̀ 21. Ọkọ̀ 18 ló ń wá. Ẹnu ọ̀nà kò kéré rárá. Àwọn ọkọ̀ ló jọ ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Máníjà tí kò bá wo ìwé géètì yóò lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà kẹrin, yóò sì rí i pé ìlà òwúrọ̀ kò tán.

Lẹ́yìn èyí ló kan bí àkókò tí wọ́n máa fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti gùn tó. Ọ̀pọ̀ máníjà ló ń fi bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó díwọ̀n èyí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣì í. Bí wọ́n ṣe to ẹrù sínú ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Tírélà ẹlẹ́sẹ̀-bàtà ogójì tó kó páálí 1,500 tí wọ́n kàn dà síbẹ̀ láìtò sórí pálẹ́ẹ̀tì yóò gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ alábàárù mẹ́fà, bí wọ́n bá ń já 500 ní wákàtí kan. Bí ẹrù kan náà bá wà lórí pálẹ́ẹ̀tì tó gùn ní mítà 1.2, tó fẹ̀ ní mítà 1, nǹkan bí ogún pálẹ́ẹ̀tì ni ilẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Bí fọ́kílíìfù bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan ti tó. Ọkọ̀ kan náà ni, páálí kan náà ni, wákàtí méjì ló wà láàárín wọn.

Jíjá ẹrù nìkan kọ́ ló sì ń gba àkókò. Ọkọ̀ yóò fẹ̀yìn wọlé, sítọ́kípà yóò wo bóyá nọ́ńbà èdìdì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá ti inú wébìlì mu kó tó já a, yóò fi wébìlì wé ìwé àṣẹ ìrajà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ẹ́lì-pí-ò, yóò ka páálí, yóò wo ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC, yóò ya èyí tó fọ́ tàbí tó rin sọ́tọ̀, yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gba ẹrù. Fún kántà kan tó kó páálí 300, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń lọ sórí ìwé àti èdìdì, 35 sórí jíjá, 15 sórí kíkà, yíyẹ̀wò àti ìbuwọ́lù. Ẹni tó bá ṣírò ìṣẹ́jú 35 nìkan ti jẹ gbèsè kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkọ̀ aago 8 yóò ti ọkọ̀ aago 9 síwájú, aago 9 yóò ti aago 10, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní ti aago tí wọ́n yóò fi máa gba ẹrù, ọ̀rọ̀ Èkó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìlú, òfin ló sì fà á. Òfin ìrìnnà ojú pópó tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 kò gba tírélà láyè láti máa rìn nínú ìgboro láàárín aago 6 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, àfi èyí tó gbé epo tàbí bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò. Bí òfin bá wà, tí ilé ìkẹ́rùsí Ìkẹjà sì sọ fún tírélà pé kó wá ní aago 8 àárọ̀, ohun tó ń sọ fún un ni pé kó wọlé lóru, kó sùn sẹ́bàá géètì, kó já ẹrù rẹ̀ láàárọ̀, kó sì tún dúró di aago 9 alẹ́ kó tó lè jáde. Odidi ọjọ́ kan ti lọ. Owó ìdádúró tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń pè ní dẹ́múréèjì ti gun orí olùpèsè, olùpèsè yóò sì rọra fi í kún iye ọjà. Ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí ló ń san án láìmọ̀.

Nítorí náà, ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, òru ló yẹ tírélà, ọ̀sán ló yẹ kántà àti fáànù. Nínú àpẹẹrẹ wa, máníjà ya aago 10 alẹ́ sí aago 4 ìdájí sọ́tọ̀ fún tírélà, ó sì pín in sí ọ̀nà méjì: aago 10 sí aago 1, aago 1 sí aago 4. Kò jẹ́ kí ó dé aago 6, nítorí tírélà tí ìjákẹ́rù rẹ̀ bá parí ní aago 5:30 kò ní lè kúrò nígboro kí òfin tó bá a lọ́nà. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ṣí lóru, tírélà mẹ́rin ló sì lè gbà. Iṣẹ́ òru ní ìnáwó tirẹ̀: owó alábàárù òru wọ́n ju ti ọ̀sán lọ, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, iná gbọ́dọ̀ tan yíká àgbàlá. Sítọ́kípà tó bá ń fi iná fóònù ka ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ yóò ṣi kà á. Máníjà tí kò bá lè pèsè ìmọ́lẹ̀, kó má kọ aago òru sínú ìwé.

Àwọn olùpèsè kan wà tí aago kò sí lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ẹni tí kọ̀nténà rẹ̀ ń bọ̀ láti èbúté Àpápá ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọdún 2021, Àjọ Àwọn Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ pe ọkọ̀ wọ èbúté, wọ́n sì sọ iṣẹ́ náà ní Ètò, lédè Yorùbá gan-an, kí àwọn tírélà lè kúrò lójú ọ̀nà níbi tí wọ́n ti máa ń tò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àgọ́ ọkọ̀ ni dẹ́rẹ́bà yóò ti dúró títí wọ́n yóò fi pè é. Ẹni tí wọ́n kò tíì pè kò lè bá ilé ìkẹ́rùsí ṣe àdéhùn aago kan pàtó. Fún irú wọn, ó dára kí ìwé máníjà fún wọn ní òru méjì tó tẹ̀ léra dípò aago kan, kí wọ́n sì fìdí èyí tí wọ́n yóò lò múlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté. Ìwé tó gbàgbé wọn yóò máa bu owó ìtanràn lé wọn lórí nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yìí ni ìwé tó kàn. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tó kàn. Ìtàn bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i lè dúró sẹ́yìn, nítorí olùpèsè tó gba ìwé irú yìí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yóò ka ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan. Ti ilé ìkẹ́rùsí tí a ń sọ lè lọ báyìí:

“Sí gbogbo olùpèsè wa. Láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá, a kò ní gba ẹrù kankan tí a kò ti fún ní àkókò. Kántà àti fáànù: aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ẹtì, a kò ní gba ẹrù láàárín aago 1 sí aago 3 ọ̀sán nítorí ìrun Jímọ̀. Tírélà: aago 10 alẹ́ sí aago 4 ìdájí, láti òru ọjọ́ Ajé mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ẹtì. Ẹ gba àkókò kí aago 2 ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú tó kọjá. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ́lì-pí-ò, iye páálí, bí ẹ ṣe tò ó, nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà fóònù dẹ́rẹ́bà ránṣẹ́. Ẹ ó gba nọ́ńbà àkókò padà kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò dúró de àyè tó bá ṣí. Bí ọkọ̀ yín bá dé lásìkò, tí a kò sì ṣí ẹnu ọ̀nà fún un láàárín wákàtí kan, àwa ni a ó san owó ìdádúró rẹ̀.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ máníjà máa ń yọ kúrò, òun gan-an ló sì ń mú kí àwọn olùpèsè gbà pé òfin ni, kì í ṣe ìjẹgàba. Òfin tó de ẹnì kan tó sì tú ẹnì kejì sílẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Gbólóhùn “mọ́jú” náà kò wà níbẹ̀ lásán. Bí ìwé bá sọ pé “ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1 òru,” ẹnì kan yóò wá ní òru tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn yóò wá ní òru tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn méjèèjì ni yóò sì bínú pé àwọn kò jẹ̀bi. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó tán án: òru ọjọ́ báyìí mọ́jú ọjọ́ báyìí. Aago 12 náà gbọ́dọ̀ ní “ọ̀sán” tàbí “òru” lẹ́yìn.

Nínú àyè 21 tó wà lọ́sàn-án, máníjà kò fi gbogbo rẹ̀ tọrẹ. Ó jẹ́ kí wọ́n gba 18, ó fi mẹ́ta pamọ́: ọ̀kan ní agogo 10, ọ̀kan ní agogo 1, ọ̀kan ní agogo 3. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ìrun Jímọ̀ ti mú lára ọ̀sán, àyè tó fi sílẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ká wo bí àyè tó pamọ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùpèsè bisikíìtì kan láti Àgbárá gba aago 9 àárọ̀ Ọjọ́rú fún kántà páálí 300. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá ọkọ̀ dúró, ó dé ní aago 9:50. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ti kọjá ọgbọ̀n tí ìwé fàyè gbà, ọkọ̀ aago 10 sì ti fẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà. Lábẹ́ àṣà àtijọ́, dẹ́rẹ́bà yóò bá ẹni tó wà ní géètì sọ̀rọ̀, ọkọ̀ aago 10 yóò sì rí i pé ẹlòmíràn ti gba ipò òun. Nísinsin yìí, àyè agogo 10 tí wọ́n fi pamọ́ ṣì wà lófìfo lẹ́nu ọ̀nà kejì. Dẹ́rẹ́bà Àgbárá wọ ibẹ̀ ní aago 10, ó jáde ní aago 11, kò sí ọkọ̀ kankan tí àkókò rẹ̀ yẹ̀. Ká ní ẹlòmíràn ti gba àyè yẹn ṣáájú rẹ̀, yóò dúró di aago 1. Wọ́n kọ pípẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì bu owó kankan lé e, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Ẹni tó ka ìwé kọ́ ló ń wa ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òfin tuntun ti ń fọ́. Ìwé máa ń dé ọ́fíìsì olùpèsè, ọ̀dọ̀ akọ̀wé tàbí ẹni tó ń bójú tó títà. Olùpèsè náà kò ní ọkọ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ń háyà. Ọlọ́kọ̀ yẹn rán dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà sì gbé mótò-bọ́ì lọ́wọ́. Títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé etí ẹni tó ń fọ́n fèrè lẹ́nu géètì, ó ti sọ ìdajì rẹ̀ nù lọ́nà. Ìdí nìyí tí àwọn máníjà tó mọ iṣẹ́ fi ń ṣe ẹ̀dà kejì: ohùn ìṣẹ́jú kan lórí Wọ́sáàpù, lédè Yorùbá àti ti Pijín, tí olùpèsè lè ju sí ọlọ́kọ̀, tí ọlọ́kọ̀ lè ju sí dẹ́rẹ́bà. Wọ́n tún máa ń fi pátákó sí ẹnu géètì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ kì í ní ìtanràn. Wọn yóò gba ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà, wọn yóò sì pe olùpèsè rẹ̀ lójú dẹ́rẹ́bà kó lè gbọ́. Oṣù Kejìlá àti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyìí, nítorí ẹrù ọdún kì í gbọ́ òfin.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì náà ní tirẹ̀. Níbi tí ìlà bá ti gùn, ẹ̀gúnjẹ máa ń wà, torí ẹni tó ń yan ọkọ̀ tí yóò wọlé ní ọjà tó ń tà. Àkókò àdéhùn gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣọ́ra, yóò kàn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń pín nọ́ńbà ni. Kò ṣòro láti mọ̀: kí wọ́n fi ìwé géètì wé ìwé àkókò lópin ọ̀sẹ̀. Bí olùpèsè kan ṣoṣo bá ń gba aago 8 lójoojúmọ́, tí ẹlòmíràn tó tètè béèrè sì ń gba aago 3 ní gbogbo ìgbà, ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tó fà á.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùpèsè fúnra wọn. Àwọn kan máa ń gba àyè mẹ́ta láti lo ọ̀kan, kí wọ́n má bàa pàdánù. Ní ọ̀sẹ̀ tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ bá wọlé, ìwé àkókò yóò kún, ẹnu ọ̀nà yóò sì ṣófo, àwọn tí kò rí àyè yóò sì máa pariwo. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé kí nọ́ńbà ẹ́lì-pí-ò kan má gba ju àyè kan lọ, kí ẹni tí kò wá lẹ́ẹ̀mejì láìfagi lé e sì máa gba ohun tó bá ṣẹ́ kù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn máa ń pa irọ́ lórí bí wọ́n ṣe to ẹrù: wọn yóò kọ pálẹ́ẹ̀tì, páálí lásán ni yóò sì dé. Ọkọ̀ wákàtí kan á wá di ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta. Ẹnu ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ gbà á. Kó lọ gba àyè tó yẹ ẹ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, máníjà yóò tún ṣí ìwé géètì kan náà. Ohun kan ló yẹ kó wò: ìgbà tó gba ọkọ̀ láti wọ géètì títí tó fi jáde. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọkọ̀ kántà tó bá pa àkókò mọ́ yẹ kó jáde láàárín wákàtí kan àtààbọ̀, dípò wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ti ìṣáájú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó wo ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ kó tó kọ̀wé ìbáwí: bóyá sítọ́kípà kan ṣoṣo ló ń yẹ ọjà wò fún ẹnu ọ̀nà mẹ́ta, tàbí fọ́kílíìfù bàjẹ́ láti Ọjọ́rú. Kí ó sì tún wo nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ ìwé tó fi ránṣẹ́. Tírélà tí táyà rẹ̀ bẹ́ ní Bẹ́ágà ní aago 11 alẹ́ nílò ẹni tí yóò gbé fóònù, tí yóò sì ní àṣẹ láti yí àkókò padà lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà ọ́fíìsì tí wọ́n ń tì ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ kò yẹ ìwé tó pe ọkọ̀ wá lóru.